Ìkànnì márùn-ún ti pọ̀ jù fún aránṣọ kan: èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gáùn ìyàwó àti gáùn òde alẹ́ ni mò ń rán, ìwọ̀n ara ẹni tó ni ín ni mo sì fi ń gé gbogbo rẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan ló wà lọ́dọ̀ mi. Òun ló ń bá mi ṣẹ́ etí aṣọ, òun náà ló ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí i.

Mo wà lórí Instagram, TikTok, Facebook, Pinterest àti WhatsApp. Bí aṣọ kan bá ti parí báyìí, iṣẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí n gé fídíò rẹ̀, kí n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ níbi márààrún, kí n tún máa ti ibì kan bọ́ sí òmíràn láti dá àwọn tó béèrè ọ̀rọ̀ lóhùn. Ọjọ́ tí mo bá jókòó ti èyí, oòrùn ti máa ń kan àtàrí kí n tó tẹ maṣíìnì.

Mo fẹ́ mú méjì, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ kéèyàn mú? Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé fídíò mi kan lórí TikTok ni èèyàn wò jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé síta rí. Ọkàn mi kò tíì gbà kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Kọ́là-Ṣẹ́ẹ̀tì

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú rárá. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí là ń pàtẹ sí. Ṣẹ́ẹ̀tì lèmi ń rán, mo máa ń rán an sílẹ̀ láti S dé XL, orí TikTok ni mo sì ti ń tà á. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kì í dúró de àwọn tó ń tẹ̀ lé yín kó tó gbé fídíò yín rìn. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yín rí ni yóò gbé e lọ bá. Bí ọ̀kan bá ti rìn fún yín báyìí, òmíràn á rìn. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ pa ìyókù tì.

Tépù-Lọ́rùn

Òótọ́ ni Kọ́là sọ nípa bí TikTok ṣe ń gbé fídíò lọ bá àjèjì. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè sọ pé L lòun ń wọ̀, kó sanwó, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ gáùn ìyàwó gbọ́dọ̀ wá kí ẹ wọ̀n ọ́n, kó sì tún padà wá wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó rán síìpù mọ́ ọn. Bí ẹgbàárùn-ún èèyàn bá wo fídíò yín, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń gbé kò jẹ́ kí wọ́n lè wá wọ aṣọ wò, ẹ ò tíì rí oníbàárà nínú wọn.

Kí ẹ tó mú ìkànnì kankan, ẹ lọ ṣí ìwé tí ẹ ń kọ iṣẹ́ sí. Ẹ mú ọgbọ̀n iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn, ti àwọn tó san àsansílẹ̀ nìkan. Ẹ má ka àwọn tó kàn béèrè iye mọ́ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan méjì. Ibo ni ẹni yìí ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa yín? Kí ló sì wò kó tó gbà láti sanwó? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń yí ìdáhùn padà. Èyí tí ẹ ò bá rántí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí oníbàárà náà kí ẹ bi í. Wọn kì í bínú sí i.

Ìlẹ̀kẹ̀-Wẹ́wẹ́

Lórí ọ̀rọ̀ fídíò gígé, CapCut lèmi ń lò. Mo máa ń gbé fóònù dúró lóòró, mo ń ya fídíò kan ṣoṣo, ó sì ń wọ ibi gbogbo. Àmọ́ tí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbé e sí TikTok, ẹ má wà á láti ibẹ̀ lọ sí Instagram pẹ̀lú àmì TikTok lára rẹ̀. Àwọn Instagram fúnra wọn ti sọ pé àwọn kì í ti irú fídíò bẹ́ẹ̀ síwájú. Inú fóònù yín ni kí ẹ ti mú ojúlówó rẹ̀.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Ẹ ṣeun, Ìlẹ̀kẹ̀. Màá fi ti àmì yẹn sọ́kàn. Àmọ́ gígé fídíò gan-an kọ́ ni mo ń béèrè, ibi tí ó yẹ kí n máa gbé e sí ni. Ẹ̀gbọ́n Tépù, mo ti ń ṣí ìwé.

Alátùn-únṣe

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tèmi, bóyá ó lè wúlò fún ẹnì kan. Àtúnṣe aṣọ nìkan ni mò ń ṣe: kí n gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí n pààrọ̀ síìpù, kí n dín ìbàdí yẹ̀rì kù, kí n tún inú kóòtù tó ya rán. Mo gbé àwòrán “kó tó di èyí” àti “lẹ́yìn rẹ̀” sí Instagram títí, àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi ló ń yìn mí. Kò sí ẹni tó ń wo Instagram lójoojúmọ́ nítorí pé síìpù rẹ̀ máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí síìpù bá bàjẹ́ gan-an ló máa wá ẹni tí yóò tún un ṣe, orí Google ló sì máa ń wá a sí.

Nítorí náà, Google Business Profile ni mo gbájú mọ́, kí ṣọ́ọ̀bù mi lè hàn lórí Google Maps. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ kò pọ̀. Mo kọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi fọ́tò iwájú ṣọ́ọ̀bù sí i kí ẹni tó ń bọ̀ lè dá a mọ̀, mo sì ń rí i pé wákàtí tí mò ń ṣí bá ohun tí mo kọ síbẹ̀ mu. Ẹni tó bá wá bá ilẹ̀kùn ní títì nígbà tí Google sọ pé mo wà ní ṣíṣí, ó ṣeé ṣe kó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi, gbogbo ayé á sì kà á. Bí mo bá parí aṣọ ẹnì kan tí inú rẹ̀ dùn, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Èyí àti WhatsApp nìkan ni mo ní.

Ṣé ìyẹn wà lára ohun tí ẹ pè ní ìkànnì, àbí mo ṣi ìbéèrè gbọ́?

Tépù-Lọ́rùn

Ẹ ò ṣì í gbọ́ rárá. Ẹni tó nílò yín mọ ohun tó ń wá, ojú sì ń kán an. Ibi tí èèyàn ti ń wá nǹkan ló yẹ yín, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣeré wo àwòrán. Ti Abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ẹni tó ń gbèrò gáùn ìyàwó lè fi oṣù púpọ̀ wo iṣẹ́ aránṣọ kó tó fọhùn.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Mo ti parí kíkà. Ẹ wo bó ṣe rí nínú ọgbọ̀n iṣẹ́.

Oníbàárà àtijọ́ ló júwe mi fún 14. Àwọn 9 sọ pé orí Instagram làwọn ti rí mi. Àwọn 4 jẹ́ ẹni tó ti ní nọ́ńbà mi tẹ́lẹ̀, tó rí aṣọ lórí Status WhatsApp mi. Àwọn 2 wá láti Facebook, inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tí mo wà lórí rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti wá, kì í ṣe ojú ewé iṣẹ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá láti TikTok. Pinterest kò mú ẹnì kankan wá.

Mo bi àwọn 14 àkọ́kọ́ ní ìbéèrè kejì yẹn. Àwọn 11 sọ pé ọ̀rẹ́ àwọn fi ojú ewé Instagram mi ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn sì wò ó títí kí àwọn tó pè mí. Àwọn 3 yòókù rí gáùn náà lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́.

Nínú àwọn 9 tó rí mi lórí Instagram, 5 wá láti ara fọ́tò tí oníbàárà tàbí ayàwòrán gbé síta tó fi orúkọ àkáǹtì mi sí. Èyí yà mí lẹ́nu. N kò rò pé ojú ewé elòmíràn ló ń mú èèyàn wá bá mi tó bẹ́ẹ̀.

Tépù-Lọ́rùn

Ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ bá wo ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan, ẹ máa sọ pé 9 péré nínú ọgbọ̀n ni Instagram mú wá, ẹnu èèyàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ti gbọ́ nípa yín, nítorí náà kó má sí ìkànnì kankan mọ́. Àmọ́ àwọn 11 tí wọ́n júwe yín fún, Instagram ni wọ́n fi dán yín wò. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹ mọṣẹ́, wọ́n wá fẹ́ fojú ara wọn rí i. Tí a bá kó 9 pọ̀ mọ́ 11, ogún nínú ọgbọ̀n ló gba ojú ewé yẹn kọjá kó tó sanwó. Kò sí ìkànnì mìíràn tó sún mọ́ ọn. Ẹ mú Instagram.

Ìkejì ni WhatsApp, kì í ṣe nítorí àwọn 4 yẹn nìkan. Ibo lẹ ti ń bá gbogbo oníbàárà sọ iye, ọjọ́ ìwọ̀n àti ọjọ́ ìwọ̀wò? Mo fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé WhatsApp ni. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ náà bí ẹ tilẹ̀ pa gbogbo ìyókù tì. Ọ̀nà tí mo gbà ń ronú nìyí: ẹ mú ibì kan tí ẹni tí kò mọ̀ yín yóò ti rí iṣẹ́ yín kó sì gbà yín gbọ́, kí ẹ mú ibì kan tí ẹ ó ti bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi sanwó, tí yóò sì máa gbúròó yín lẹ́yìn tó bá gba aṣọ. Ẹni tó bá mú méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bíi TikTok àti Instagram, yóò rí i pé òun ṣì ń ṣe fídíò lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí.

Nípa 5 tó wá láti ojú ewé ẹlòmíràn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ máa bi ìyàwó kọ̀ọ̀kan ta ni ayàwòrán rẹ̀ àti ta ni yóò kun ojú rẹ̀. Ẹ kí wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fún wọn ní orúkọ àkáǹtì yín bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Fọ́tò tí wọ́n bá yà máa ń dára ju èyí tí ẹ fi fóònù yà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn náà sì jẹ́ ẹni tó ń múra ìgbéyàwó.

Kọ́là-Ṣẹ́ẹ̀tì

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, mo sì gbà pé aṣọ tí a rán sílẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ẹnì kan tó wá láti TikTok yẹn, ṣé kò lè di mẹ́wàá tí àǹtí bá gbájú mọ́ ọn? Ìkànnì márùn-ún ló ń pín ọwọ́ wọn, kò sí èyí tí wọ́n ṣe dójú àmì.

Tépù-Lọ́rùn

Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì lè búra pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni bí a ṣe máa mọ̀. TikTok àti Instagram méjèèjì máa ń fi ibi tí àwọn tó ń wò wá ń gbé hàn wá. Lórí Instagram, ẹ yí àkáǹtì padà sí ti oníṣẹ́, kí ẹ ṣí Insights. Lórí TikTok, ẹ wo Analytics. Bí ìlú tó wà lókè níbẹ̀ kò bá jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè wá wọ aṣọ wò, iye èèyàn tó ń wò kò lè yí padà di iṣẹ́, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Bó bá sì jẹ́ ìlú yín ló wà lókè, ọ̀rọ̀ Kọ́là tó ohun tí à ń dán wò.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fídíò tó rìn yẹn. Ṣé “mélòó ni?” àti “ibo lẹ wà?” ló pọ̀ níbẹ̀, àbí “ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe gé ọrùn yìí?” Ìbéèrè kejì yẹn, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ yín ló ń béèrè rẹ̀.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Àwọn tó ń béèrè bí mo ṣe gé e ló pọ̀ jù. Fídíò náà, ibi tí mo ti ń rán egungun aṣọ sínú àyà gáùn ni. Mo wo ìlú náà, tèmi kò sí láàárín àwọn márùn-ún àkọ́kọ́.

Pátánì-Pépà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbí. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ yẹn ni oníbàárà tèmi. Pátánì ni mò ń tà, ẹni tó rà á yóò tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fúnra rẹ̀, kò sì níí ṣe pẹ̀lú ibi tó ń gbé. Fún irú iṣẹ́ báyìí, fídíò bí a ṣe ń rán nǹkan ni owó. Pinterest náà ń ṣiṣẹ́ fún mi ju bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ, torí pé àwòrán tí mo gbé síbẹ̀ tipẹ́ ṣì ń jáde bí ẹnì kan bá wá irú rẹ̀. Lórí ìkànnì tó kù, ohun tí mo gbé síta lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, àǹtí, ẹ má ṣe sọ pé Pinterest kò dára.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó rú mi lójú ni pé gbogbo ìyàwó tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń mú àwòrán Pinterest lọ́wọ́ wá, síbẹ̀ ìkankan kò tibẹ̀ wá.

Tépù-Lọ́rùn

Nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kó àwòrán jọ kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rán an. Lórí Pinterest, wọ́n ń wá irú ọwọ́ tí wọ́n fẹ́, irú ọrùn tí wọ́n fẹ́, kò kàn wọ́n bóyá ẹni tó rán an wà ní ìlú wọn. Tí wọ́n bá ti pinnu, wọ́n á gbé àwòrán náà lọ bá aránṣọ tó wà nítòsí. Ẹ lè máa wo Pinterest láti mọ ohun tí àwọn ìyàwó ń fẹ́, ẹ ò ní láti máa kó iṣẹ́ yín síbẹ̀. Ti Pátánì-Pépà yàtọ̀, torí pé ohun tó ń tà lè dé ibikíbi.

Òwú-Dúdú

Ẹ̀yin ará, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Status WhatsApp lèmi ń lò. Mo gbé aṣọ síbẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ìlú ti rí i kó tó di alẹ́. Kò ná mi ní nǹkan kan.

Alátùn-únṣe

Gbogbo ìlú kọ́ o, Òwú. Ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà sì ti fi nọ́ńbà yín pa mọ́ sínú fóònù tirẹ̀, ló lè rí i. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó ti lọ nìyẹn. Broadcast náà bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ ojú kékeré tó wà nísàlẹ̀ Status kí ẹ wo orúkọ àwọn tó rí i. Bó bá jẹ́ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ kan náà ló ń wò ó lójoojúmọ́, kò sí ẹni tuntun níbẹ̀.

Òwú-Dúdú

Mo ti wò ó. Òótọ́ lẹ sọ, orúkọ tí mo mọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn náà ló ń mú iṣẹ́ padà wá, wọ́n sì ń fi han ọ̀rẹ́ wọn.

Tépù-Lọ́rùn

Bó bá ń kún ọwọ́ yín, Òwú, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Aránṣọ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti kún títí dé oṣù tó ń bọ̀ kò nílò ìkànnì tuntun, àfi bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Status dára fún ẹni tó ti mọ̀ wá, kí a má bàa di ẹni ìgbàgbé lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá wá wọn ara, ẹ sọ fún un kó tọ́jú nọ́ńbà yín níwájú yín níbẹ̀, kó tó kúrò lórí ìjókòó.

Ìyá-Bọ́tìnnì

Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ti àkáǹtì ẹnì kan tí mo mọ̀ pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Bí a bá kó gbogbo ẹyin wa sínú agbọ̀n kan, kí ni a ó ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀? Ìdí tí èmi kò fi lè fi ìkànnì kankan sílẹ̀ nìyẹn.

Tépù-Lọ́rùn

Ẹ̀rù yẹn tọ́, mà. Àmọ́ ìkànnì karùn-ún tí ẹ ń gbé nǹkan sí láìfọkàn sí i kò ní gbà yín lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa gbà yín ni nọ́ńbà àwọn oníbàárà nínú ìwé, àti ojúlówó fọ́tò tí ẹ tọ́jú síbòmíràn yàtọ̀ sí fóònù. Ẹ tún tan ìdáàbòbò onípele méjì sórí àkáǹtì, kí ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ ìwọlé yín má lè wọlé láìsí kóòdù kejì.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú Instagram àti WhatsApp. Báwo ni mo ṣe máa fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀? Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́ ni?

Tépù-Lọ́rùn

Ẹ má pa wọ́n rẹ́ o. Bí ẹ bá pa orúkọ yẹn rẹ́, ẹlòmíràn lè wá gbà á. Ẹ gbé fídíò kan tó dára síbẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú ewé, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé orí Instagram ni ẹ ti ń gbé iṣẹ́ tuntun síta, orí WhatsApp ni ẹ sì ti ń gba iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọjú wo ínbọ́ọ̀sì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti Facebook rọrùn ju ìyẹn lọ: ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ Instagram kí ohun tí ẹ bá gbé síta máa dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ pé kò sí ẹni nílé. Nípa ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó mú méjì wá yẹn, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe pípatẹ ọjà.

Ohun kan tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí oṣù yìí tó parí ni ìlínkì WhatsApp. Ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo síbi gbogbo. Ẹ ṣe ọ̀kan fún Instagram, ọ̀kan fún TikTok, ọ̀kan fún Facebook, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò kàn fi ránṣẹ́ ni, ẹ ó sì mọ ibi tó ti wá láìbi í. Bó ṣe rí nìyí:

```
https://wa.me/NOMBA?text=E%20nle%2C%20mo%20ri%20yin%20lori%20Instagram
https://wa.me/NOMBA?text=E%20nle%2C%20mo%20ri%20yin%20lori%20TikTok
```

Níbi tí mo kọ NOMBA sí, ẹ kọ nọ́ńbà yín pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè yín, láìsí àmì ìròpọ̀ àti láìsí òdo tó máa ń wà níwájú. %20 ló dúró fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì ohùn sí i kó má bàa dojú rú. Àwọn kan á pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kí wọ́n tó kọ tiwọn, ìyẹn ni ẹ ṣì ní láti bi léèrè.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Èyí á ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Instagram ni wọ́n fi ń dán mi wò, irú fọ́tò wo ni kó wà níbẹ̀?

Tépù-Lọ́rùn

Ẹni tó fẹ́ rán gáùn ìyàwó ń bẹ̀rù pé kò ní bá òun lára mu lọ́jọ́ náà. Fọ́tò ẹ̀yìn gáùn tó parí kò pa ẹ̀rù yẹn. Ohun tó ń pa á ni ìwọ̀wò. Ẹ ya fọ́tò nígbà tí aṣọ funfun tí ẹ fi ń dán ìwọ̀n wò ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú pín-ìnnì lábẹ́ apá níbi tí àyà ti ṣí sílẹ̀. Ẹ ya ibẹ̀ kan náà nígbà tí gáùn bá parí, tó ti lẹ̀ mọ́ ara láìfún un. Ẹ yí inú gáùn síta kí wọ́n rí bí ẹ ṣe bo ojú ìrán àti ibi tí ẹ rán egungun sí. Ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ iye ọ̀sẹ̀ tó gbà yín àti iye ìgbà tó wá wọ̀ ọ́ wò. Instagram ń jẹ́ kí a lẹ fọ́tò mẹ́ta mọ́ òkè, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irú èyí. Ní ibi tí a ń kọ Name sí, ẹ fi “gáùn ìyàwó” àti orúkọ ìlú yín kún orúkọ yín, torí ibẹ̀ wà lára ohun tí Instagram ń wò nígbà tí ẹnì kan bá ń wá aránṣọ.

Ìlẹ̀kẹ̀-Wẹ́wẹ́

Kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda o, kí ẹ má gbé gáùn ìyàwó síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọkọ ìyàwó náà ní fóònù.

Kọ́là-Ṣẹ́ẹ̀tì

Màá ṣì sọ tèmi. Tí àǹtí bá gbé fídíò ìwọ̀wò yẹn gan-an sí TikTok dípò egungun aṣọ, tó sì dárúkọ ìlú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, àwọn tó ń wò ó lè yí padà.

Tépù-Lọ́rùn

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Kọ́là. Níwọ̀n bí fídíò náà ti wà nílẹ̀, kò ní gbà wọ́n lákòókò púpọ̀. Àmọ́ kó jẹ́ fídíò ìwọ̀wò nìkan, kí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí, ká sọ pé oṣù mẹ́ta, torí ìyàwó máa ń pẹ́ kó tó pinnu. Ìlínkì TikTok yẹn ni ká fi ṣe adájọ́: ẹni mélòó ló gba ibẹ̀ wá san àsansílẹ̀.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe ìlínkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti yí Name padà. Pinterest ni mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí. Ìyàwó kan ń bọ̀ wá wọ gáùn wò lọ́jọ́ Sátidé, mo ti bi í, ó ní kí n ya á, kí n má sì gbé e síta títí ọjọ́ ìgbéyàwó yóò fi kọjá.

Òwú-Dúdú

Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n Tépù, ìlínkì yẹn, ṣé WhatsApp Business nìkan ló ń gbà á, àbí èyí tí gbogbo wa ń lò náà ń gbà á?

Tépù-Lọ́rùn

Méjèèjì ló ń gbà á. Ohun tí Business fi kún un ni Catalog, ibi tí ẹ ti lè to aṣọ sí, àti àmì tí ẹ lè fi sára oníbàárà kọ̀ọ̀kan, bíi “ó ti san àsansílẹ̀” tàbí “ó kù kó wá wọ̀ ọ́ wò”.